Àgbéyẹ̀wò àwọn oníṣirò tó bá wa ṣe ìwé òwò àjọṣe wa: owó tí a mú kì í ṣe ìnáwó

Ìlà kan ṣoṣo ló dá ìjà sílẹ̀. Ó wà láàárín owó bébà àti owó epo dísẹ́ẹ̀lì nínú ìwé èrè àti òfò tí wọ́n tẹ̀ fún wa: "Owó tí àwọn alájọṣe mú, ₦1,200,000." Wọ́n kà á mọ́ ìnáwó. Èrè wa tó yẹ kó jẹ́ ₦3,000,000 sì di ₦1,800,000.

Kí ẹ lè mọ ohun tó bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí òwò wa ṣe rí. Èmi àti Bọ̀dá kan la jọ ni ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú. Èmi dá ₦4,000,000, Bọ̀dá dá ₦2,000,000, Bọ̀dá ló sì ń dúró ti ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Àdéhùn wa wà lákọsílẹ̀, mo sì fún àwọn oníṣirò yìí ní ẹ̀dà rẹ̀ ní ọjọ́ tí mo sanwó iṣẹ́. Ó ní kí á kọ́kọ́ fún kálukú ní èlé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tó dá. Kí á fún Bọ̀dá ní ₦600,000 fún iṣẹ́ ọdún kan. Ẹni tó bá mú owó nínú òwò láàárín ọdún yóò san èlé ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lórí rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù, kí á pín in dọ́gba.

Lọ́dún náà, Bọ̀dá mú ₦80,000 ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ₦960,000. Èmi mú ₦240,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìparí oṣù Kẹfà. Tí ẹ bá kó méjèèjì sínú ìnáwó òwò, a jẹ́ pé èmi náà ń bá Bọ̀dá san ìdajì owó tí wọ́n mú lọ sílé wọn. Bọ̀dá ò ṣe ohun tó burú o. Àdéhùn gbà wọ́n láyè, wọ́n sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ṣe ìwé ló da nǹkan rú.

Mo lọ bá ọ̀gá ibẹ̀. Ọmọ tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní wọ́n wà nípàdé, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n jàjà jáde, wọn ò jókòó. Wọ́n ní, "Màdáàmù, owó tó bá ti jáde ní báńkì, ó ti jáde nìyẹn. Ìwé yín bá ara mu, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀." Mo wò ó, lóòótọ́ ló bá ara mu: ₦700,000 fún mi, ₦1,100,000 fún Bọ̀dá, àpapọ̀ ₦1,800,000. Ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti léwu gan-an nìyẹn. Àpapọ̀ ìpín máa ń bá èrè mu, ì báà jẹ́ èrè tí kò tọ̀nà. Mo ní kí wọ́n fi owó tí Bọ̀dá mú hàn mí nínú àkáǹtì Bọ̀dá fúnra wọn. Wọn ò rí i níbẹ̀. Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ní oníbàárà mìíràn, wọ́n sì wọlé.

Mo ti dìde láti máa lọ nígbà tí ọmọbìnrin kan tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní igun yàrá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wo àdéhùn yín." Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì kà á tán ní ọ́fíìsì yẹn ṣáájú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí kò bá sí àdéhùn, òfin àjọṣe tí a jogún láti inú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1890 kò fún ẹnikẹ́ni ní èlé lórí owó tó dá, kò fún alájọṣe ní owó iṣẹ́, ó kàn ní kí á pín èrè dọ́gba ni. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni tiwa, ₦1,500,000 ni kálukú ì bá gbà. Bébà tí a fọwọ́ sí ló yí i padà.

Lẹ́yìn náà ló mú bíírò. Ó yọ ₦1,200,000 kúrò nínú ìnáwó, èrè padà sí ₦3,000,000. Ó bọ́ sórí èlé owó tí a mú, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá, tó ti jáde wá dúró lẹ́yìn wa, ní kí ó fi ìdá 12 lu ₦960,000 kó parí rẹ̀, kí Bọ̀dá san ₦115,200. Ọmọbìnrin náà ní rárá, sà. Owó ìparí oṣù Kìíní wà lọ́wọ́ Bọ̀dá fún oṣù 11, ti ìparí oṣù Kejìlá kò wà lọ́wọ́ wọn fún oṣù kankan. Tí a bá pín gbogbo rẹ̀ lọ́gbọọgba, oṣù márùn-ún ààbọ̀ ni, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ₦52,800. Ó ní ká ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni wọ́n ń mú un ni, ì bá jẹ́ oṣù mẹ́fà ààbọ̀. Tèmi, oṣù mẹ́fà gééré, jẹ́ ₦14,400. Bọ̀dá kò sí níbẹ̀ láti gbèjà ara wọn, ọmọ yìí sì gbà wọ́n sílẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀. Inú mi dùn gidi.

Ó fi èlé méjèèjì, ₦67,200, kún èrè. Ó yọ èlé owó tí a dá, ₦400,000 fún mi àti ₦200,000 fún Bọ̀dá. Ó yọ ₦600,000 owó iṣẹ́ wọn. Ó ku ₦1,867,200, ìyẹn ₦933,600 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, tó sì yọ èlé owó tí kálukú mú kúrò nínú tirẹ̀, tèmi jẹ́ ₦1,319,200, ti Bọ̀dá jẹ́ ₦1,680,800. Ìgbà yìí ló tó wá yọ owó tí kálukú ti mú, nínú àkáǹtì ẹni tó mú un. ₦1,079,200 kù fún mi, ₦720,800 kù fún Bọ̀dá.

Nínú ìwé ọ̀gá, tí ẹ bá ka owó tí mo ti mú mọ́ ₦700,000 yẹn, ₦940,000 péré ni mo ní. ₦379,200 ni mo ì bá pàdánù, Bọ̀dá ni ì bá sì bọ́ sí lọ́wọ́ láìmọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó orí. Òwò àjọṣe kì í san owó orí èrè fúnra rẹ̀ ní Nàìjíríà, alájọṣe kọ̀ọ̀kan ló ń san tirẹ̀ lórí ìpín rẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn ti fi ₦1,200,000 pamọ́ nínú ohun tó yẹ kí á sọ fún ìjọba.

Nítorí náà, tí wọ́n bá gbé irú ìwé yìí fún yín, ẹ kọ́kọ́ lọ síbi àkáǹtì kálukú. Bí owó tí ẹ mọ̀ pé ẹnì kan mú kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ wá a láàárín ìnáwó.

Ọ̀gá kò tọrọ àforíjì. Wọ́n tún ní kí n san ₦15,000 nítorí ìwé tí wọ́n tún tẹ̀. N kò san án, wọ́n sì di ìwé náà mú títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin náà ló pè mí pé kí n wá gbà á, ó sì ti fi ìwé pélébé kan há a tó fi bí ó ṣe dé orí oṣù márùn-ún ààbọ̀ hàn, kí Bọ̀dá lè rí i.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ibẹ̀ náà la ó gbé ìwé ọdún yìí lọ, bí ọmọbìnrin náà bá ṣì wà níbẹ̀.