Kíláàsì ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò ìpolówó orí íńtánẹ́ẹ̀tì: ìbéèrè 17 ni mo fẹ́ sọ

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n wọ inú ìdánwò nígbà tí ìbéèrè 17 sọ mí di oníjà. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo ojú-ewé kíláàsì yìí ti mọ iye fídíò tó wà níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gbowó, mi ò ní tún un sọ. Apá tí mo torí ẹ̀ sanwó ni ibi tí wọ́n ti ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín èsì ọ̀fẹ́ tí Google ń gbé jáde, èyí tí iṣẹ́ mímú un gòkè ń jẹ́ SEO nínú ìdánwò, àti èsì tí èèyàn ń sanwó fún.

Ìbéèrè náà rèé. Àwọn mẹ́ta ń du ààyè ìpolówó lórí ọ̀rọ̀ ìwárí kan ṣoṣo. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun lè san tó dọ́là 4 lórí kílíkì kan, máàkì ìdára ìpolówó rẹ̀ sì jẹ́ 4 nínú 10. Ẹnìkejì lè san dọ́là 3, máàkì tirẹ̀ jẹ́ 8. Ẹnìkẹta lè san dọ́là 2, máàkì rẹ̀ jẹ́ 5. Ta ni yóò wà lókè, èló ni yóò sì san?

Mo mú ẹnìkejì. Ojú ẹ̀rọ pọ́n kuku. Wọ́n ní ẹni àkọ́kọ́ ni, pé yóò san dọ́là 4, "nítorí ẹni tó bá náwó jù ló ń wà lókè."

Mo gbé bébà, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ni fún ìdánwò, èèyàn á fi owó tí oníkálukú dá sọ máàkì rẹ̀ di púpọ̀. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, 3 lọ́nà 8 jẹ́ 24, 2 lọ́nà 5 jẹ́ 10. Ẹnìkejì ló wà lókè, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Iye tó máa san ló tilẹ̀ dùn mọ́ mi jù: èèyàn kì í san gbogbo owó tó dá, kìkì èyí tó tó láti fi ga ju ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ ló máa ń san. Nítorí náà, 16 tó jẹ́ ti ẹni tó tẹ̀ lé e la ó pín sí 8, ìyẹn dọ́là 2, a ó fi sẹ́ǹtì kan lé e, ó di 2.01. Ẹni tó pariwo dọ́là 4 máa san 10 tí a pín sí 4, pẹ̀lú sẹ́ǹtì kan, ìyẹn 2.51, ipò kejì ló sì máa wà! Gbàǹjo tí ẹni tó wà níwájú ti ń san owó tó kéré sí ti ẹni tó wà lẹ́yìn, ohun tí ìdánwò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ gan-an nìyẹn.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Arákùnrin tó kọ́kọ́ dáhùn ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fídíò kẹrin wò." Mo tún un wò. Ní ìṣẹ́jú kejìlá, olùkọ́ wọn fúnra rẹ̀ ń ṣe ìsọdipúpọ̀ yìí sójú pátákó! Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Ẹlòmíì wá sọ fún mi pé ìdáhùn tó wà níbẹ̀ ló bá ìdánwò mu. Kí n tó dáhùn, wọ́n ti pa ẹjọ́ mi dé, wọ́n kọ "A ti yanjú rẹ̀" sí i lórí. Ta ló bá wọn yanjú ẹ̀? Mo ṣí ẹjọ́ tuntun, wọ́n pa ìyẹn náà dé. Mo ṣí ẹ̀kẹta, mo wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé kí wọ́n dá owó mi padà.

Lọ́jọ́ kẹta, olùkọ́ obìnrin kan pè mí lórí fóònù. Ohùn ẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ gbà á, àwa la ṣì í." Gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú tí mo ti tò sẹ́nu, mo gbé e mì.

Ó fi kún un pé kí n má gbé ìṣirò ọ̀hún kọjá ìdánwò. Máàkì 1 sí 10 tí Google Ads ń fi han onípolówó ní Quality Score dà bí ohun tí wọ́n fi ń wo bí ara ṣe gbóná tó, kì í ṣe òun ló ń wọ inú gbàǹjo. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá wá nǹkan ni ẹ̀rọ ń tún ìdára ìpolówó wọ̀n lọ́tun, tó sì ń wo irú ẹ̀rọ tí onítọ̀hún ń lò, ibi tó wà, àti ọ̀rọ̀ tó tẹ̀. Mo bi í pé, "Mà, bí ẹnìkejì yẹn bá sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, ṣé èsì ọ̀fẹ́ rẹ̀ ò ní gòkè díẹ̀?" Ó ní rárá o, kò sí gbàǹjo lápá ibẹ̀, owó ìpolówó kì í kọjá ògiri yẹn. Bí ó bá tún ojú-ewé tí ìpolówó ń gbé èèyàn lọ ṣe, ìyẹn lè ṣe apá méjèèjì láǹfààní, àmọ́ iṣẹ́ ló ṣe é, kì í ṣe owó.

Ó wá fún mi ní àpẹẹrẹ kan tí kò sí nínú fídíò kankan. Ìsọ̀ kan ń polówó lórí orúkọ ara rẹ̀. Lóṣù kan, kílíkì 500 wá láti ìpolówó ní sẹ́ǹtì 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 500 wá lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pa ìpolówó, ti ọ̀fẹ́ sì di 850 lóṣù kejì. Èèyàn 150 péré ni wọ́n pàdánù, kì í ṣe 500, torí àwọn 350 yòókù ì bá wá ṣáá. Dọ́là 250 tí wọ́n ná, èèyàn 150 ló rà, ìyẹn bíi 1.67 lórí ẹnì kan, kì í ṣe 0.50 tí ìwé ìpolówó kọ. Ó kìlọ̀ pé oṣù méjì lè má dọ́gba, ọdún tàbí ìsinmi lè ti bọ́ sí ọ̀kan, àti pé bí ọ̀rọ̀ ìwárí bá jẹ́ èyí tí ìsọ̀ náà kò sí lójú-ewé kìn-ín-ní lọ́fẹ̀ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo kílíkì tó sanwó fún ló máa pàdánù bí ó bá pa ìpolówó. Ìṣẹ́jú ogójì la fi sọ̀rọ̀, kò kánjú rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìbínú mi. Apá èsì ọ̀fẹ́ nínú fídíò wọn ti gbó. Odindi ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi kọ́ wa bí a ṣe ń kó ọ̀rọ̀ ìwárí sínú ìlà kóòdù ojú-ewé yìí:

```
<meta name="keywords" content="...">
```

Láti ọdún 2009 ni Google ti sọ gbangba pé òun kì í wo nǹkan yìí láti fi to èsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé e wọ ìdánwò á fi máàkì ṣòfò.

Mo yege. Ìbéèrè méjì nínú ìdánwò ló jọ ìbéèrè 17, ọ̀kan nínú wọn sì ń béèrè iye tí ẹni òkè máa san.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo tún wọ ibẹ̀ lánàá láti wò ó: ìbéèrè 17 ṣì ń pọ́n fún ẹni tó bá mú ẹnìkejì.