Fóìlì abẹ́ páànù nínú ilé àtijọ́ wa ní Ìtòkò: ohun tó ṣe àti ohun tí kò ṣe

Fóìlì yìí ti la ẹ̀ẹ̀rùn kan àti òjò kan já lórí wa, mo wá rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tó sọ. Ilé ìdílé ni a fi í sí kí ooru lè dín kù: ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, àjà onípákó, páànù tó ti dógùn-ún pupa. Ìyá mi ló ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá ní ilé tuntun, tí páànù rẹ̀ kò jò, tí igi rẹ̀ sì yá, lè fo ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ igi.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wo ilé náà fẹ́ fọ́n fóòmù mọ́ abẹ́ páànù tààrà. Mi ò ní purọ́ mọ́ fóòmù, ó ń dènà ooru dáadáa. Ṣùgbọ́n páànù àtijọ́ kò lè ṣe kó má ní ihò ìṣó tó ti fẹ̀. Bí omi bá gba ibẹ̀ wọlé lónìí, orí àjà ló ń kán sí, màmá á gbé abọ́ sí i, a ó sì pe káfíńtà. Bí fóòmù bá ti lẹ páànù pọ̀ mọ́ pọ́lìn àti ráfítà, ìyẹn àwọn igi tó gbé e ró, omi yẹn kò ní ríbi kán sí mọ́. Àárín fóòmù àti igi ni yóò jókòó sí, atẹ́gùn kò sì ní débẹ̀ láti gbẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ títí igi á fi jẹrà. Bàbá Káfíńtà tó bá wa tún òrùlé náà ṣe sọ ọ́ kúkúrú: “Ọmọ mi, òrùlé tó ń jò tó sì ń jẹ́ kó o mọ̀ ṣì dáa. Èyí tó ń jò tí kò sọ fún ọ ni kó o sá fún.”

Omi òjò nìkan kọ́ ló sì ń dé ara igi. Lóru tí ojú ọ̀run bá mọ́, páànù máa ń tutù ju atẹ́gùn àyíká rẹ̀ lọ, nítorí ooru ara rẹ̀ ń lọ sójú ọ̀run. Atẹ́gùn tó lómi nínú bá kàn án lábẹ́, ìrì á sẹ̀, ìrì yẹn á sì máa ṣàn lọ bá pọ́lìn. Ọ̀nà tí a fi ń mọ èyí yàtọ̀ sí jíjò rọrùn. Jíjò máa ń yọ lójú kan lẹ́yìn òjò, àmì rẹ̀ a sì yí ìdí ìṣó ká. Ìrì máa ń yọ láàárọ̀ láìsí òjò, yóò sì tàn ká abẹ́ páànù látòkè délẹ̀. Àwa ní méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú fóìlì, èyí tó ní atẹ́gùn wẹ́wẹ́ láàárín bí ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé tẹlifíṣọ̀n tuntun. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kó nípọn. Páànù tí oòrùn pa ń ta ooru sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iná ṣe ń ta á, ojú dídán fóìlì kò sì fẹ́ gba ooru yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kì í fẹ́ ta á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè atẹ́gùn gbọ́dọ̀ wà lójú rẹ̀. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́ nǹkan, ooru á kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ojú tó dán ni kẹ́ ẹ dà kọ sísàlẹ̀ bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló dán, torí eruku máa ń bo ojú tó bá kọjú sókè, eruku yẹn ló sì ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Inú ọyẹ́ la ṣe iṣẹ́ náà, kí igi lè gbẹ kí a tó bò ó. Bàbá Káfíńtà fi skudiráfà gún gbogbo igi òrùlé níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó le kò gbà á wọlé. Ní apá ìwọ̀ oòrùn, etí ráfítà méjì gbà á wọlé bíi kéèkì, ó gé wọn kúrò, ó so igi apá tuntun mọ́ wọn. Mo yá ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú igi lọ́wọ́ ẹnjiníà kan: ibi tó pọ̀ jù ka nǹkan bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdí ihò kan sì ka 27. Bí igi bá kọjá 20, ẹ má bò ó, torí òkè ibẹ̀ ni olú tó ń jẹ igi ti ń rí àyè. A dí ihò náà, a dúró kí igi rẹ̀ gbẹ, Bàbá Káfíńtà fi sólígínọ́ọ̀mù kùn ún nítorí ikán, lẹ́yìn náà ni fóìlì tó gòkè.

Abẹ́ ráfítà ni wọ́n kan fóìlì mọ́, nítorí náà ó tó ínǹṣì mẹ́rin sí páànù. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ti òkè sì gun orí ti ìsàlẹ̀, kí ìrì tó bá kán lè máa ṣàn lọ sísàlẹ̀ láìwọ àárín ojú ìsopọ̀. Níbi tí ráfítà ti jókòó sórí ògiri, wọ́n la fóìlì sí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì gbé e gba àárín ráfítà jáde síta, kí omi má bàa dà sórí ògiri amọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo dúró tì wọ́n, torí wọ́n ti fẹ́ ká a sínú. Wọ́n fi àyè ínǹṣì méjì sílẹ̀ ní etí òrùlé, òmíràn sì wà lábẹ́ ìdérí ṣóńṣó, kí atẹ́gùn gbígbóná lè máa gòkè jáde. Nẹ́ẹ̀tì wáyà ló bo ojú àyè méjèèjì nítorí àdán.

Èsì rẹ̀ ńkọ́? Lọ́sàn-án tí oòrùn mú, ojú àjà máa ń gbóná dé 43 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́sì tẹ́lẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ báyìí, nǹkan bíi 35 ló ń kà. Atẹ́gùn inú yàrá fúnra rẹ̀ kò wálẹ̀ ju ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n màmá ti ń sun oorun ọ̀sán nínú yàrá rẹ̀, ohun tí kì í ṣe rí. Lóru kò sí ìyàtọ̀ kan pàtó, torí ooru tí ògiri ti gbà lọ́sàn-án ló ń tú jáde, fóìlì kò sì kan ìyẹn. Lẹ́yìn òjò, a ṣí fóìlì díẹ̀ ní apá ìwọ̀ oòrùn: ẹ̀rọ ka 17 lára igi tuntun náà. Igi kan nítòsí ṣóńṣó ka 19, ìyẹn sì ni a ṣì ń ṣọ́.

Ẹ̀sùn mi pọ̀ lórí àwọn tó kàn án ju orí ohun èlò lọ. Wọn ò mẹ́nu ba iná mànàmáná rárá, bẹ́ẹ̀ fóìlì ń gbé iná, wáyà àtijọ́ inú àjà wa sì ti ń bó. Èmi ni mo pe oníná kó fi gbogbo rẹ̀ sínú páìpù kí wọ́n tó débẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ kan án pẹ̀lú pín-ín-nì lásán, ìyẹn tí yóò ya fóìlì tó bá pẹ́. A ní kí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó kan ìṣó.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ní ẹ́ẹ̀sì ní yàrá tirẹ̀ fẹ́ kí a tẹ́ ọ̀rá sórí àjà, ká wá tẹ́ òwú gíláàsì lé e. Mo kọ̀. Níhìn-ín, atẹ́gùn ìta ló lómi nínú ju ti yàrá tí ẹ́ẹ̀sì ti gbẹ. Yóò gba inú òwú náà wọlé, yóò bá ọ̀rá tó tutù, ibẹ̀ ló máa di omi sí, igi àjà á sì máa mu ún láìsí ẹni tó rí i.

Mo fún fóìlì ní mẹ́rin nínú márùn-ún, mo fún àwọn tó kàn án ní méjì. Bí àjà yín bá jẹ́ ti ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ú tàbí gún un nítorí iṣẹ́ yìí, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ ṣí páànù láti òkè, kẹ́ ẹ sì ṣe é látibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ á lé sí i.