Ẹ̀rọ oníhò àti ẹ̀rọ onílésà fún kíka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ àwa tí a ń lò wọ́n

Irú ẹ̀rọ méjì ni a ń lò ní lábù fún àyẹ̀wò FBC, ìyẹn kíka gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan ni ẹ̀rọ oníhò, aláwẹ́ mẹ́ta, tó ń fi iná mànàmáná ka sẹ́ẹ̀lì, tó sì ń pín sẹ́ẹ̀lì funfun sí mẹ́ta. Èkejì ni aláwẹ́ márùn-ún, tó fi ìtànṣán lésà kún un. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá ní wàhálà kankan, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa. Pílétílẹ́ẹ̀tì, àwọn wóró kéékèèké tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ni ẹ ó fi mọ ibi tí agbára wọn mọ.

Wallace Coulter, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n tí aláwẹ́ mẹ́ta ń lò, ní 1953. Ẹ̀rọ máa ń fi omi oníyọ̀ po ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi ṣàn kẹlẹkẹlẹ, á wá fà á gba inú ihò tín-ín-rín kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 máíkírómítà lọ. Iná díẹ̀ ń gba inú ihò yìí kọjá. Omi oníyọ̀ ń gbé iná, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ gbé e. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá wọ ihò, ó gba àyè omi, ó sì dí iná lọ́wọ́ díẹ̀, ẹ̀rọ á sì rí ìgbì kan tó ta sókè. Iye ìgbì ni iye sẹ́ẹ̀lì, gíga ìgbì sì ni títóbi rẹ̀. Láti ara gíga yìí ni MCV, ìpíndọ́gba títóbi sẹ́ẹ̀lì pupa, ti ń jáde.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tó kọjá, títóbi rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Nínú yàrá kan náà ló ti ń ka sẹ́ẹ̀lì pupa àti pílétílẹ́ẹ̀tì: ohun tí títóbi rẹ̀ bá wà láàárín nǹkan bí 2 sí 30 fẹmutólítà, fL, pílétílẹ́ẹ̀tì ló máa pè é, ohun tó bá ti kọjá nǹkan bí 36 fL di sẹ́ẹ̀lì pupa. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ lè wọ inú iye pílétílẹ́ẹ̀tì, pílétílẹ́ẹ̀tì ńlá sì lè bọ́ sí ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa. Yàrá kejì ni ti sẹ́ẹ̀lì funfun, níbi tí omi apasẹ́ẹ̀lì ti ń fọ́ àwọn pupa dànù kí kíka tó bẹ̀rẹ̀.

Ká ní èsì kan jáde báyìí: PLT, iye pílétílẹ́ẹ̀tì, 41, tó kéré jù; WBC, iye sẹ́ẹ̀lì funfun, 13.8, tó pọ̀ jù; aláìsàn kò sì ṣẹ̀jẹ̀ níbì kankan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde síbẹ̀. Ẹ wo àwòrán ìlà PLT lójú ẹ̀rọ. Ìlà tó dára máa ń gòkè, á sì sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀ lápá ọ̀tún. Èyí kò kanlẹ̀, ó kàn ń fì lókè, ìlà WBC sì ní òkè kékeré kan ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Àmì pé pílétílẹ́ẹ̀tì ti so mọ́ra wọn nìyẹn. Ìdì wọn tóbi tó sẹ́ẹ̀lì funfun, omi apasẹ́ẹ̀lì kì í sì í tú wọn ká, nítorí náà WBC ń lọ sókè bí PLT ṣe ń wálẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi igi tín-ín-rín wá ẹ̀jẹ̀ dídì nínú túùbù. Bí kò bá sí, ẹ tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, ẹ pa á láró, kí ẹ sì wo etí ibi tó ti tín-ín-rín jù pẹ̀lú maikirosíkóòpù. Ibẹ̀ ni ìdì máa ń kó jọ sí. Bí ẹ bá rí wọn, EDTA, èròjà inú túùbù tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló sábà máa ń fà á, torí àwọn kan ní èròjà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń so pílétílẹ́ẹ̀tì pọ̀ bí ó bá ti pàdé EDTA. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn sínú túùbù sítíréètì, ẹ kún un dé ìlà, kí ẹ sì kà á láìpẹ́. Omi inú túùbù yìí ti la ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ sọ iye tó jáde di ìlọ́po 1.1: PLT 182 di 200, WBC 6.4 di 7.0. Ara aláìsàn yá nígbà náà, túùbù àkọ́kọ́ ló parọ́. Síbẹ̀, ẹ wo gíláàsì ti sítíréètì náà, torí àwọn díẹ̀ ṣì máa ń so mọ́ra nínú rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ onílésà, omi mìíràn ló ń fún ẹ̀jẹ̀ mọ́ra kí sẹ́ẹ̀lì lè tò lẹ́yìn ara wọn níwájú lésà. Ìmọ́lẹ̀ tó tú síwájú ń sọ títóbi sẹ́ẹ̀lì, èyí tó tú sẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí: sẹ́ẹ̀lì tí inú rẹ̀ kún fún wóró ń tú ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọgbọ́n yìí ló fi ń pín sẹ́ẹ̀lì funfun sí márùn-ún, tí aláwẹ́ mẹ́ta kò lè ya irú èyí tó ń pọ̀ bí aràn bá wà lára sọ́tọ̀. Bó bá tún lo aró tó ń tàn, pílétílẹ́ẹ̀tì ńlá kì í sọnù sáàárín àwọn pupa mọ́. Ṣùgbọ́n ìdì tó ti so kò lè tú níwájú lésà. Ó lè fi àmì ìkìlọ̀ hàn, kò sì lè mọ pílétílẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà nínú ìdì kan.

Bí owó bá tó ra ẹyọ kan ṣoṣo, tí ọ̀gá lábù sì ń ronú èyí tí yóò mú, a ó ní kó mú aláwẹ́ mẹ́ta, kó sì fi èyí tó kù ra maikirosíkóòpù dáadáa àti aró. Oríṣi omi tí ẹ̀rọ onílésà ń lò pọ̀ ju ti aláwẹ́ mẹ́ta lọ, iṣẹ́ sì máa ń dúró lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá tán.