Ìwé àkókò tàbí ìṣirò: èwo ni ká fi mọ bí ìrìnàjò rélùwéè yóò ṣe pẹ́ tó?

Ìwé àkókò ló yá jù: yọ aago ìgbéra kúrò nínú aago ìgúnlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní 8:10 tó sì dé ní 10:10, wákàtí 2 ni. Òru ló máa ń tan èèyàn. Láti 23:40 sí 1:25, kọ́kọ́ fi 24 kún 1:25 kó di 25:25, kó o tó yọ ọ́. Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 45 ni.

Ìṣirò ní tirẹ̀ ń fi eré pín jíjìnnà. Ká ní ọ̀nà ti ọkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ kìlómítà 150, tí eré tó ga jù lọ sì jẹ́ kìlómítà 120 ní wákàtí kan. 150 ÷ 120 jẹ́ wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15. Ìṣẹ́jú 45 ti sọnù! Títẹ bíréèkì, dídúró ní ibùdókọ̀ àti títún eré mú ló jẹ ẹ́. Eré tó tọ́ láti lò ni 150 ÷ 2, ìyẹn 75. Jíjìnnà ojú irin ni kó o sì lò, kì í ṣe ti títì.

Bí o bá ní ọkọ̀ mìíràn láti wọ̀ níwájú, ìwé àkókò ni kó o tẹ̀ lé. Àmọ́ tí ọkọ̀ bá ti pẹ́ lójú ọ̀nà, tó sì ku kìlómítà 50, ìṣirò ló wúlò: 50 ÷ 75 jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 40.