Àwọn tó bá wa to ìwé téńdà: ibi tí wọ́n ti gbówọ́ àti ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó

Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba ṣe á ti mọ irú ọ́fíìsì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí: yàrá kan tàbí méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá, bébà tó ga dé òrùlé, àti ọkùnrin kan tó mọ gbogbo ìwé tí ìjọba àpapọ̀ máa ń béèrè lórí. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n bá agbaṣẹ́ṣe to ìwé téńdà, ìyẹn ìwé téèyàn fi ń du iṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀kan nínú wọn, n'Íbàdàn, ni mo gbé tiwa fún. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kọ́ ló dùn.

Iṣẹ́ tiwa ni àga àti tábìlì ṣíṣe. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ kan ló polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun fẹ́ ra tábìlì alágapọ̀ 400 fún gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́. Ohun mẹ́ta la gbà pé wọ́n máa ṣe fún wa: àtòjọ gbogbo ohun tí ìkéde náà béèrè, ìdáhùn lórí ìmọ̀ iṣẹ́, àti àtẹ owó. Owó kan ṣoṣo la san fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò dọ́gba rárá.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dáa. Ní ti àtòjọ, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn kọ orúkọ ìwé sílẹ̀ kí wọ́n sì máa fi àmì sí i. Wọ́n ka ìkéde náà àti ìwé téńdà fúnra rẹ̀ ní gbólóhùn-gbólóhùn, ibikíbi tí wọ́n bá sì ti rí i pé "ó pọn dandan", wọ́n á yọ ọ́ jáde, wọ́n á kọ ojú ìwé tí wọ́n ti rí i, ẹni tó máa mú un wá láàárín wa, ọjọ́ tí ìwé náà máa kú, àti níkẹyìn ojú ìwé tó máa wà nínú téńdà tiwa. Ìlà tó kẹ́yìn yìí ni àwọn tó ń yẹ̀wé wò máa ń dúpẹ́ lé lórí, torí wọn ò ní wá nǹkan káàkiri.

Ìdí tí mo fi yìn wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí máàkì ní apá yìí. O ní in tàbí o ò ní in ni. Ìwé ẹ̀rí CAC pé iléeṣẹ́ ti forúkọ sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta, ti PenCom lórí owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, ti ITF lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn, ti NSITF lórí ìbánigbófò wọn, ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ BPP tó ń bójú tó ọjà rírà ìjọba àpapọ̀, ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí aṣàyẹ̀wò owó ti fọwọ́ sí: bí ọ̀kan bá yingin, wọn ò ní ṣí àpò owó rẹ, ìyẹn àpò tí iye tó o dá lé iṣẹ́ náà wà, débi tí wọ́n á fi mọ̀ bóyá iye tìẹ ló kéré jù. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, nítorí náà, ẹni tó bá gbé ti ọdún tó kọjá wá lóṣù Kejì ti ṣubú kó tó dìde.

Ohun tí ojú wọn rí tí tiwa ò rí ni orúkọ. Lórí ìwé CAC wa, "and Sons" ni wọ́n kọ sí àárín orúkọ iléeṣẹ́ náà. Lórí ọ̀kan nínú àwọn ìwé ẹ̀rí tó kù, "&" ló wà níbẹ̀ dípò "and". Lójú èmi, nǹkan kan náà ni. Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀gá, bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bá fẹ́ràn yín, nǹkan kan náà ni. Bí kò bá fẹ́ràn yín ńkọ́?" Ó ní ká lọ tún un ṣe, a sì tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe pẹ̀lú ìwé ìbúra. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2007 lórí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń ra ọjà sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: bóyá òṣìṣẹ́ ibi tó ń ra ọjà náà ti jẹ́ olùdarí tàbí onípìn-ín lọ́dọ̀ rẹ rí tàbí ó ṣì jẹ́ ẹ, àti pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó o kọ. Ìwé ìbúra tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ de ẹni tó bá yà sí kóòtù kì í sábà sọ gbogbo èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ tiwa, gbólóhùn kan fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ìkéde béèrè, ká tó gbé e lọ sí kóòtù fún òǹtẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìdáhùn lórí ìmọ̀ iṣẹ́.

Ìwé téńdà náà ní àtẹ kan tó pín sí méjì: lápá òsì ni ohun tí wọ́n fẹ́, lápá ọ̀tún ni ohun tí ìwọ fẹ́ mú wá. Wọ́n fẹ́ páìpù irin onígun mẹ́rin, mílímítà 25 sí 25, kí awọ irin náà nípọn tó mílímítà 1.5. Wọ́n fẹ́ pákó orí tábìlì tó nípọn tó mílímítà 18, tí wọ́n fi fọmíkà bò. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ wọn, ohun tó wà lápá ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni "Ó bá a mu. Ó bá a mu. Ó bá a mu."

Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni tó ń fún wa ní máàkì fẹ́ mọ ohun tí a ní lọ́wọ́, kì í ṣe bóyá a gbà pẹ̀lú rẹ̀. Páìpù ni kí n fi ṣe àpẹẹrẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní 1.5 lọ́jà, bí ẹ bá fi kálípà wọn ẹnu rẹ̀, ó lè já sí 1.2. Ẹni tó ti ń bá àwọn wẹ́dà ṣiṣẹ́ mọ èyí dáadáa, ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tí ń to bébà ò mọ̀ ọ́n. Mo gba àtẹ náà padà, mo sì tún un kọ: bí páìpù tí a máa lò ṣe nípọn tó nígbà tí a wọ̀n ọ́n, irú pákó tó jẹ́, bí a ṣe máa fi iná jó oríkèé rẹ̀, ọ̀dà tó máa bò ó, àti fọ́tò ọ̀kan tí a ti ṣe, tí kálípà wà lẹ́nu páìpù rẹ̀. Níbi tí tiwa ti ju tiwọn lọ, mo kọ ọ́. Níbi tó ti yàtọ̀ díẹ̀, mo sọ bó ṣe yàtọ̀, torí pé bí wọ́n bá fúnra wọn rí i lẹ́yìn tó o ti kọ "ó bá a mu", irọ́ lo pa yẹn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ojú ìwé tó ṣàlàyé bí a ṣe máa ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n ní a máa kọ́kọ́ ṣán igbó, lẹ́yìn náà la máa da kankéré. Fún tábìlì! Inú téńdà ẹlòmíràn ni wọ́n ti dà á kọ, wọn ò sì kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rí iṣẹ́ tí a ti ṣe nìkan ni wọ́n tò dáadáa ní apá yìí: lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún wa, kí ìwé pé a parí rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ní méjì-méjì. Lẹ́tà láìsí ìwé ìparí kò níyì lójú wọn.

Ní ti owó, àṣìṣe tó lè jẹ́ kéèyàn pàdánù gan-an ni mo rí níbẹ̀. A ti ṣírò pé ohun èlò, owó iṣẹ́, èlé owó tí a máa yá àti èrè wa lórí tábìlì kan máa jẹ́ ₦65,500. Owó ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé ibẹ̀, pẹ̀lú ẹrù sísọ̀, jẹ́ ₦1,200,000 fún gbogbo rẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, iye ẹyọ kan jẹ́ ₦65,500, iye gbogbo 400 sì jẹ́ ₦27,400,000. Ó dà bíi pé ó tọ̀nà. Àǹtí tó ń bójú tó ìwé owó wa ló ṣí fáìlì Excel rẹ̀ wò, ó sì pè mí: "Ọ̀gá, ẹ wá wo ohun tó wà nínú àpótí yìí."

```
=C2*D2+1200000
```

Wọ́n ti lẹ owó ọkọ̀ mọ́ àpapọ̀, níbi tí ẹni tó bá ń ka bébà ò ti lè rí i. Àmọ́ ẹ fi iye ẹyọ kan ṣe ìlọ́po 400, ₦26,200,000 ló máa fún yín. Ìlànà sì wà nínú ìwé téńdà náà, bó ṣe sábà máa ń wà: bí iye ẹyọ kan àti àpapọ̀ ò bá bára mu, iye ẹyọ kan ló borí, àpapọ̀ ni wọ́n á tún ṣe. Ká ní bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í sílẹ̀ ni, wọn ì bá dá a padà sí mílíọ̀nù 26.2, owó ọkọ̀ ì bá sì di tiwa láti san. Bí o bá sì kọ̀ pé o ò gba àtúnṣe náà, wọ́n á da téńdà rẹ nù, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé owó ìdúró tó o fi sílẹ̀.

Bí a ṣe tún un ṣe ò le. A pín owó ọkọ̀ sí 400, ó jẹ́ ₦3,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi kún un, iye ẹyọ kan di ₦68,500. Àpapọ̀ ṣì jẹ́ ₦27,400,000. Owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú 100 wà lórí ìlà tirẹ̀, ₦2,055,000, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦29,455,000. A kọ ọ́ ní fígọ̀, a tún kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, a sì kà á sí ara wa létí, torí pé bí méjèèjì bá yàtọ̀, èyí tó wà ní ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa gbà. Ìkéde náà béèrè fún fáìlì Excel àpò owó pẹ̀lú bébà. Èyí tí wọ́n ṣe fún wa ṣì ní ojú ìwé kejì nínú, tó fi èrè wa hàn gbangba. Àǹtí yọ ọ́ kúrò.

Dídì rẹ̀ lápò, wọ́n mọ ìyẹn ṣe: àpò ìmọ̀ iṣẹ́ lọ́tọ̀, àpò owó lọ́tọ̀, méjèèjì nínú àpò kẹta, orúkọ wa lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ yẹ àpò àkọ́kọ́ wò bóyá iye kankan yọ́ wọ ibẹ̀. A ti jù ú sínú àpótí téńdà kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, a sì gba ìwé tó fi àkókò tí a dé hàn. Èyí tó bá pẹ́, òfin ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín láìṣí i.

A yege nínú ìmọ̀ iṣẹ́, wọ́n sì ka iye wa síta pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ẹlòmíràn tó kéré sí wa ló gba iṣẹ́ náà. Mi ò lè fi ìyẹn sùn wọ́n.

Ṣé màá tún lò wọ́n? Fún àtòjọ àti dídì lápò, bẹ́ẹ̀ ni, lónìí olónìí. Èmi àti àwọn wẹ́dà mi ló máa kọ ìmọ̀ iṣẹ́, Àǹtí ló máa ṣe àtẹ owó, tí wọ́n bá sì ní gbogbo rẹ̀ tàbí kí n gbàgbé, mo ti sọ fún wọn pé màá wá ibòmíràn. Iye kan pàtó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, wọn ò béèrè ìdá kankan nínú owó iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ràn ìyẹn nínú ìwà wọn. Bí ẹ bá fẹ́ gbéṣẹ́ fún irú wọn, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní fáìlì Excel náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe bébà nìkan, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta kí àpótí tó tì.