Sáfà Èkó gidi àbí Èkó orúkọ lásán: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra VPN

Ọdún kan gbáko ni mo fi sanwó VPN tó kọ "Lagos" sójú bọ́tìnì, tí sáfà rẹ̀ kò sì sí l'Ékòó rárá. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ọ́fíìsì wa wà n'Íkẹjà, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò ọjà wà, àdírẹ́ẹ̀sì IP kan ṣoṣo ni ẹni tó ń bójú tó o sì gbà láyè pé kó máa wọlé láti ìta. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra àdírẹ́ẹ̀sì àdáni lọ́wọ́ iléeṣẹ́ VPN kan, mo sì mú Èkó nítorí pé Èkó ò jìnnà sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ lẹ́tà kan, ó máa ń falẹ̀ kó tó hàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ni kò dáa, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni mo tó lajú. Àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abíjáánì, MainOne àti WACS wà lára wọn, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dà rú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. VPN mi kú pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn ìkànnì tí sáfà wọn wà nínú Èkó gan-an ń ṣí fún mi láìsí wàhálà. Mo jókòó, mo bi ara mi pé: bí mo bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó, tí mo sì ń ti Èkó lọ sí Ìkẹjà, kí ló kàn mí kan wáyà tó wà lábẹ́ òkun?

Ìbéèrè yẹn ló bí ìfiwéra yìí.

Oríṣi mẹ́ta tí wọ́n ń tà

Àkọ́kọ́ ni sáfà gidi: ẹ̀rọ náà wà nínú ilé sáfà kan ní ìlú tí wọ́n dárúkọ. Ìkejì ni èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà níbòmíràn, tí àdírẹ́ẹ̀sì IP rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀ bíi ti ìlú tí wọ́n dárúkọ, àmọ́ tí ẹni tó ń tà á sọ ọ́ síta. Wọ́n máa ń kọ "virtual" sí ẹ̀gbẹ́ irú èyí. Proton ń pe tirẹ̀ ní "Smart Routing", ExpressVPN náà sì ní ojú ewé tó ti to àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìkẹta bá ìkejì mu délẹ̀, àfi pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún ẹ. Ìkẹta yìí ni mo rà.

Mi ò ní sọ pé ìkejì kò wúlò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, CERT-In, àjọ ìjọba Íńdíà, pàṣẹ pé kí àwọn oní-VPN máa kọ orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì oníbàárà sílẹ̀, kí wọ́n sì fi pamọ́ fún ọdún 5. ExpressVPN kó sáfà rẹ̀ kúrò ní Íńdíà, ó sì ń fún àwọn tó fẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì Íńdíà láti Síńgápọ̀ àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kéde rẹ̀ ní gbangba. Ẹni tí ìjọba ibi kan ń bà lẹ́rù lè fẹ́ràn kí ẹ̀rọ náà má sí níbẹ̀ rárá.

Bó bá jẹ́ pé ìwọ tó wà ní ìlú ọba kàn fẹ́ ṣí ìkànnì tó ń gba àdírẹ́ẹ̀sì Nàìjíríà nìkan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sábà ṣe é fún ẹ. Ní ti iye orílẹ̀-èdè, àwọn tó ń lo "virtual" ló máa ń ní púpọ̀ jù. Ní ti owó, ìyàtọ̀ kò pọ̀ tó ohun tí èèyàn ń fi ṣe ìpinnu.

Ohun tó jẹ mí lówó: báwo lo ṣe máa mọ̀?

Níbí ni kí o ti fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń so VPN pọ̀, wọ́n á lọ sí ìkànnì tó ń sọ ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì wà, wọ́n á rí "Lagos, Nigeria", wọ́n á ní ó parí. Kò tíì parí. Ohun tí ìkànnì bẹ́ẹ̀ ń wò dà bíi nọ́ńbà ọkọ̀. KJA lè wà lára mọ́tò, èyí ń sọ pé Ìkẹjà ni wọ́n ti gbà á, kò sọ pé Ìkẹjà ni mọ́tò ọ̀hún ń sùn. Ẹni tó ni àdírẹ́ẹ̀sì IP fúnra rẹ̀ lè gbé fáìlì kan síta tó sọ pé ìlú báyìí ni àdírẹ́ẹ̀sì mi wà. "Geofeed" ni wọ́n ń pe fáìlì náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe àkójọ ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì wà ló sì ń kà á. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tajà lo padà ń kà níbẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè parọ́ rẹ̀ ni eré tí ìmọ́lẹ̀ ń sá. Nínú wáyà onígíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ping ni ìbéèrè kékeré tí kọ̀ǹpútà kan ń fi ránṣẹ́ sí òmíràn láti mọ bó ṣe pẹ́ tó kó tó dáhùn. Ó máa ń ka àlọ àti àbọ̀ pọ̀, ms ló sì fi ń kà á, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Nítorí náà, gbogbo 1 ms tí ping bá sọ, ẹ̀rọ tó dáhùn kò lè jìnnà ju 100 kìlómítà lọ. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù tó 5,000 kìlómítà ní tààrà, kò sí bí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ ṣe lè dín sí 50 ms.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo so VPN náà pọ̀, mo sì béèrè àdírẹ́ẹ̀sì tí ayé ń rí mi mọ́:

```
curl https://ipinfo.io/ip
```

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo wá já VPN kúrò. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe kókó, torí pé tí o bá ń ṣe ping nígbà tí VPN ṣì wà lórí, ìrìn tìrẹ náà á wọnú iye tí o máa rí. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Globalping, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ní kí ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn ní oríṣiríṣi ìlú bá òun ṣe ping lọ́fẹ̀ẹ́. O lè ṣe é lójú ìkànnì wọn, o sì lè gbé ètò globalping wọn sórí kọ̀ǹpútà rẹ, kí o wá tẹ̀ ẹ́ báyìí (àdírẹ́ẹ̀sì yìí jẹ́ àpẹẹrẹ, fi èyí tí o kọ sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀):

```
globalping ping 203.0.113.25 from London --limit 3
```

Mo ṣe é láti Lọ́ńdọ̀nù, láti Èkó àti láti Jóhánẹ́sbọ̀ọ̀gì. Iye tó kéré jù ni mo mú níbì kọ̀ọ̀kan, torí pé sún-kẹẹrẹ lójú ọ̀nà lè fi kún iye náà, kò lè dín in kù. Láti Jóhánẹ́sbọ̀ọ̀gì, 163 ms. Láti Èkó, 97 ms. Láti Lọ́ńdọ̀nù, 1.4 ms.

Ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. 1.4 ms túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà kò lè ju 140 kìlómítà lọ sí ibi tí ìbéèrè ti wá ní Lọ́ńdọ̀nù. "Lagos" tí mo sanwó fún wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tí mo ń tẹ̀ n'Íbàdàn ń gba abẹ́ òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún ń gba abẹ́ òkun padà wá sí Ìkẹjà. Nígbà tí mo fi èyí ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n dáhùn pé 30 ọjọ́ tí wọ́n fi ń dá owó padà ti kọjá.

Má ṣe fi ìwọ̀n yìí dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì lò nínú ọgbọ́n yìí. Iye kékeré láti ọ̀nà jíjìn jẹ́ ẹ̀rí tó dúró gbọin. Iye ńlá láti tòsí kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Nígbà tí mo ń dán iléeṣẹ́ kejì wò, èyí tí mo ń lò báyìí, mo ṣe ping sí sáfà Èkó wọn láti ilé mi, mo rí 110 ms. Ọkàn mi bàjẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n fagi lé e. Ṣùgbọ́n láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn nínú Èkó, Globalping gbé 2 ms wá, ti Lọ́ńdọ̀nù sì jẹ́ 94 ms. Sáfà náà wà l'Ékòó lóòótọ́. Ọ̀nà tí iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì mi ń gbà ni kò dáa. Èkó ní ibi ìpàdé tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn, IXPN, láti ọdún 2006. Àmọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì kò bá pàdé níbẹ̀ tàbí níbòmíràn nílé, wọ́n lè lọ pàdé ní Yúróòpù, kí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba Ìkòròdú Róòdù kọjá lọ yí Lọ́ńdọ̀nù ká. `traceroute` (`tracert` lórí Windows), àṣẹ tó ń to àwọn ráútà tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, ló fi hàn mí: "lhr" wà nínú orúkọ ráútà kan láàárín ọ̀nà, ìyẹn àmì pápákọ̀ òfurufú Hítúrò. Orúkọ ráútà kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró o, ó lè ti gbó kí wọ́n má sì tíì pààrọ̀ rẹ̀. Àfi kí ó bá ms mu.

Àwọn sáfà kan kì í dáhùn ping. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, wo ráútà tó dáhùn kẹ́yìn nínú `traceroute` láti ìlú mélòó kan, kí o fi ti ìlú kan wé ti èkejì. Bí iye bá kéré gan-an ní ìlú méjì tó jìnnà síra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àdírẹ́ẹ̀sì kan náà ń dáhùn láti ẹ̀rọ púpọ̀, o ò sì lè fi ping nìkan parí ọ̀rọ̀ ìyẹn.

Èwo ni kí o rà?

Bí orílẹ̀-èdè púpọ̀ lo fẹ́, tí o kàn fẹ́ kí ìkànnì rí ẹ bí ọmọ ibẹ̀, "virtual" tí wọ́n kéde á tó ẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó kọ ọ́ síta. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ lo fẹ́ fi ṣe, tàbí ìpè tí kò gbọdọ̀ já, ra sáfà gidi, kódà bí ìlú tí wọ́n ní kò bá pé ogójì. Tèmi kò pọ̀ ní ìlú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo yí iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì padà, 11 ms ni mo ń rí láti Ìbàdàn, lẹ́tà sì ń hàn bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fi pamọ́ fún ẹ pé Èkó òun kì í ṣe Èkó, má rà á ní èlókèéló.

Oṣù kan ni kí o kọ́kọ́ san, má san ọdún. Ṣe àyẹ̀wò yìí lọ́jọ́ tí o bá rà á, kí ọjọ́ ìdápadà owó tó lọ, kí o sì ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ pẹ̀lú déètì. Wọ́n lè kó sáfà lẹ́yìn tí o ti sanwó, torí náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń tún ping náà ṣe láti Lọ́ńdọ̀nù àti láti Èkó.