Oṣù mẹ́ta tí mo fi kọ́ ẹ̀rọ ayàwòrán ní àwọ̀ aró

Àǹtí kan tó ń ta ọṣẹ dúdú àti òrí ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ló gbé iṣẹ́ yìí fún mi. Wọ́n ti sanwó fún dìsáínà kan, ó sì ti ṣe ìwé ìlànà búrándì olójú ewé 18 fún wọn: àwọ̀ mẹ́ta, bí àwòrán ṣe gbọ́dọ̀ rí lára ẹni tó bá wò ó, àti irú ohùn tí ọjà náà yóò máa fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Àwòrán tí wọn yóò máa gbé sí WhatsApp lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló kù, owó tí wọn yóò sì máa fi pe onífọ́tò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò sí. Mo bá ṣí àkáǹtì lórí ẹ̀rọ ayàwòrán kan tí à ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, irú èyí tí èèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ àṣẹ sí, tí yóò sì ya àwòrán mẹ́rin jáde. Mo ti lò ó fún oṣù mẹ́ta báyìí. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ni ín, torí ọ̀rọ̀ tí à ń kọ sí i gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo da kóòdù àwọ̀ kọ bó ṣe wà nínú ìwé náà. Àwọ̀ aró ni `#232F5C`, àwọ̀ òrí ni `#F2E6D0`, àwọ̀ epo pupa ni `#C4501B`. Mo fi kún un pé àwọ̀ òrí ni kó gba ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, aró ìdá 30, epo pupa ìdá 10, gẹ́gẹ́ bí dìsáínà ṣe kọ ọ́. Nínú mẹ́rin tó jáde, aró di búlúù àwọ̀ sánmà nínú méjì. Nínú ẹ̀kẹta, ọṣẹ gan-an ló di búlúù. Nínú ẹ̀kẹrin, ẹ̀rọ náà kọ `#232F` gàdàgbà sára páálí ọṣẹ, ó rò pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kà lára rẹ̀ ni.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà burú. Àwòrán tí àwọn èèyàn ti kọ àlàyé sí ni irú ẹ̀rọ yìí fi kọ́ iṣẹ́. Ẹni tó ń kọ àlàyé sábẹ́ fọ́tò kì í kọ kóòdù, ohun tó rí ló ń kọ: aṣọ, igi, ìkòkò, iyanrìn. Torí náà, ẹ̀rọ náà mọ aró mọ́ aṣọ tí wọ́n rẹ, àmọ́ kò mọ iye tó wà nínú kóòdù. Nígbà tí èyí yé mi, ó dà bí ẹni pé mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, torí bí Yorùbá ṣe ń pe àwọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn dúdú, funfun àti pupa, nǹkan tó ní àwọ̀ náà lára la fi ń pè é: àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ aró. Mo bá pa ìwé náà dé, mo wá bi ara mi pé nǹkan wo ní ọjà Bódìjà ló ní àwọ̀ yìí lára.

Aró ló gba àkókò jù. Mo dán orúkọ mẹ́ta wò, mo sì fi nọ́ńbà `seed` kan náà, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ àwòrán, ya gbogbo wọn, kí ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ló yàtọ̀. `navy blue` gbé aṣọ dídán bíi ti kóòtù wá. `indigo` nìkan ṣoṣo sún mọ́ àwọ̀ pọ́pù. Nígbà tí mo kọ aṣọ òwú tí wọ́n fi aró rẹ, tí ìṣẹ́po rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ó jókòó. Mi ò sì fi ojú lásán ṣe é. Nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, mo fi irinṣẹ́ tó ń fa àwọ̀ jáde tẹ ibi márùn-ún lára aṣọ náà, mo wá fi kóòdù tó bá gbé jáde wé ti ìwé. Ibi tí aṣọ tẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ bà lé, ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ inú ìṣẹ́po, gbogbo àwọ̀ ni yóò dà bíi pé ó ṣú jù, ẹ ó sì máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ti ìdá 60, 30 àti 10 yẹn, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í wọn nǹkan. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan kan ṣoṣo tí yóò gbé e, kí ìtóbi nǹkan náà jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀. Ògiri àti tábìlì ló tóbi jù nínú àwòrán, nítorí náà àwọn ni mo fún ní àwọ̀ òrí. Aṣọ tí a ṣẹ́ po ló gbé aró. Àwo amọ̀ kékeré kan ló gbé epo pupa.

```
limewashed wall and wooden table, pale cream like raw shea butter
folded indigo-dyed adire cotton, almost black in the folds
one small clay bowl, palm-oil orange
```

Ọ̀nà yìí náà ló yanjú ọ̀rọ̀ ọṣẹ tó di búlúù. Bí àwọ̀ mẹ́ta bá tò tẹ̀léra wọn níwájú láìsí ohun tó gbé wọn, wọ́n á ṣàn lọ sára ohunkóhun tí kò bá ní àwọ̀ tirẹ̀. Ọṣẹ sì ni kò ní, torí mi ò kọ àwọ̀ kankan fún un. Nígbà tí mo wá kọ ọ́ ní `black soap`, ó tún gbé ọṣẹ tó dúdú kirikiri, tó ń dán bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, wá fún mi. Ẹni tó bá mọ ọṣẹ dúdú mọ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ilẹ̀ tó tutù, ó máa ń rún, kì í dán. Ohun tí ojú rí ni mo kọ dípò orúkọ rẹ̀:

```
crumbly dark-brown lump of soap, dull surface, broken open
```

Ìlà yìí ni mo máa ń fi síwájú, torí mo rí i pé ohun tí mo bá kọ ṣáájú ni ẹ̀rọ yìí máa ń dì mú jù.

Lẹ́yìn àwọ̀, ó kan ìmọ̀lára. Ìwé náà ní kí àwòrán ní ọ̀yàyà, kó jẹ́ òótọ́, kó má sì kánjú. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ létí ni, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ojú lè rí nínú wọn. Bí mo ṣe kọ `warm`, ìmọ́lẹ̀ òòrùn ìrọ̀lẹ́ ló bo gbogbo nǹkan, ògiri àwọ̀ òrí di àwọ̀ yẹ́lò, aró sì di eérú. Ibi tí ìlànà àwọ̀ àti ìlànà ìmọ̀lára ti ń jà nìyẹn, dìsáínà kò sì mọ̀ pé wọ́n á jà, torí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ wọ́n sójú ewé. Mo pinnu pé ọ̀yàyà kò ní wá láti inú ìmọ́lẹ̀ mọ́. Mo fi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tí kò le sílẹ̀, mo wá gbé ọ̀yàyà sínú bí a ṣe sún mọ́ nǹkan náà tó. Àìkánjú di àyè òfìfo: nǹkan kan ṣoṣo nísàlẹ̀ àwòrán, ìdajì òkè jẹ́ ògiri lásán, èyí tó tún fún àǹtí ní ibi tí wọ́n á kọ iye owó sí.

Ní ti ohùn, ìwé náà sọ pé kí ọjà náà máa sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ń kọ́ni. Mo bi àǹtí pé báwo ni ẹ̀gbọ́n ṣe ń kọ́ àwọn náà nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

“Ṣé ó máa ń wò mí lójú ni? Ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń wò,” wọ́n ní. “Èmi náà á sì máa wo ọwọ́ ẹ̀.”

Ìdáhùn yẹn ló bí ìlà tó kẹ́yìn nínú èyí:

```
soft window light from the left, late morning, matte surfaces
single subject low in the frame, upper half plain wall
eye level, arm's length away, busy hands, face out of frame
```

Ẹ kíyè sí i pé kò sí “má ṣe” kankan nínú rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kó má fi ike síbẹ̀, ike sì kún inú àwòrán. Bí ẹ̀rọ yìí bá ti rí orúkọ nǹkan, ó lè yà á, bí ọ̀rọ̀ “má” tilẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Amọ̀ àti igi ni mo kọ, ike sì lọ fúnra rẹ̀.

Mo wá pín ọ̀rọ̀ àṣẹ náà sí káàdì mẹ́ta nínú fóònù àǹtí: ti ọjà, ti àwọ̀, ti ìmọ́lẹ̀ àti ohùn. Méjì tó kẹ́yìn kì í yí padà. Ti ọjà nìkan ni wọ́n máa ń pààrọ̀ nígbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ òrí dípò ọṣẹ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwòrán 32 ni mo yà kí n tó rí 2 tó ṣe é gbé jáde. Lọ́sẹ̀ tí àǹtí fúnra wọn fi káàdì ṣe é, wọ́n ya 12, wọ́n sì mú 7.

Àwọn ibi tó kù díẹ̀ káàtó wà, n kò sì ní bò wọ́n. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè gbé `#232F5C` jáde geerege, ó lè sún mọ́ ọn ni. Lógò, orúkọ ọjà àti ilà àwọ̀ ìsàlẹ̀ ní láti jẹ́ ohun tí a fi ọwọ́ gbé lé e lẹ́yìn náà pẹ̀lú kóòdù gidi. Nígbà kan, wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe, ìlà aró tí mo ti fọkàn tán bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀ jù. Mo tún fi `seed` dán an wò, mo sì ní láti fi `deep` kún un. Láti ìgbà náà, mo ń kọ ọjọ́ àti ẹ̀yà ẹ̀rọ sórí káàdì kọ̀ọ̀kan.

Àdìrẹ ló dùn mí jù. Mo bèèrè Ìbàdàndùn, àdìrẹ tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú. Ohun tó gbé wá rẹwà lókèèrè, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́, kò sí òpó kankan, ilà lásán ló ń yí ká. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ rí, ìṣẹ́jú kan kò ní kọjá kó tó mọ̀. Àdìrẹ tó bá ní orúkọ, ẹ fi fóònù ya aṣọ gidi. Nínú káàdì wa, mo ti yọ `adire` kúrò pátápátá. Aṣọ aró tí kò ní bátànì kankan ló wà níbẹ̀ báyìí:

```
folded plain deep indigo-dyed cotton, almost black in the folds
```

A kì í fi ẹ̀rọ ya ọṣẹ tí à ń tà mọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí oníbàárà kan bi àǹtí ìdí tí ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò fi jọ ti àwòrán, wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì gbà pé òótọ́ ló wà lẹ́nu obìnrin náà. Ògiri, tábìlì, aṣọ àti ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe fún wa. Ọṣẹ gidi ni àǹtí ń yà lẹ́bàá fèrèsé wọn, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ láti ọwọ́ òsì, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, kó lè bá èyí tó wà lórí káàdì mu.